Iṣẹ́ Kékeré, Lẹ́tà Tó Bá Ni Dúró: Bí Ẹni Tó Dá Kọ́ Kóòdù Ṣe Lè Kọ̀wé Wá Àyè Ìkọ́ṣẹ́

Ọmọ yunifásítì tó fẹ́ ṣe SIWES kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ á fún un ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, tó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ àti iye oṣù tó fẹ́ lò. Lẹ́tà yẹn ò sọ bóyá ó mọ nǹkan kan ṣe o, àmọ́ ó ti bá a dúró. Ẹni tó gbà á mọ ibi tí ọmọ náà ti wá, ó sì mọ ibi tó máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn bó bá ya aláìgbọ́ràn. Ẹni tó fi fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù dá kọ́ kóòdù nínú yàrá rẹ̀ kò ní irú oníduró bẹ́ẹ̀. Ó ti lo freeCodeCamp, ó ti wo fídíò títí dátà fi tán, ó sì ti kọ ètò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá wá rí ìkéde pé ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ń wá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó máa kọ́ iṣẹ́ díbẹ́lọ́pà lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà tó máa kọ ní iṣẹ́ méjì láti ṣe: kó bá a tọrọ àyè, kó sì bá a dúró.

Iṣẹ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà kì í ṣe. Ẹ wo irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ni màá fi gbé e kalẹ̀ níbí, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ là ń wò:

“Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ̀wé láti tọrọ àyè ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ yín tó gbayì. Òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo sì máa ń tètè gbọ́ nǹkan yé. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Mo mọ HTML, CSS, JavaScript, Python, React àti Git. Mo ti kọ ètò ìṣirò, ètò ojú ọjọ́ àti ètò àkójọ iṣẹ́ ojúmọ́. Bí ẹ bá fún mi láyè, ẹ ò ní kábàámọ̀.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí àfojúdi. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, àdírẹ́sì méjì lókè, àkọlé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ìrẹ̀lẹ̀ nínú ìlà àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹ wá gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ẹni tó gbà á lè yẹ̀ wò kó rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀lẹ náà á kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kára lòun. Ohun mẹ́fà tó tò jọ, bí ẹni mọ gbogbo wọn dọ́gba dọ́gba ló ṣe tò wọ́n, ẹni tó bá sì wà nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé kò sí olùbẹ̀rẹ̀ tó mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Ní ti ètò ìṣirò, ètò ojú ọjọ́ àti àkójọ iṣẹ́ ojúmọ́, àwọn ni fídíò ẹ̀kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo láyé. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, kì í ṣe ọ̀gá òṣìṣẹ́ ló sábà ń ka lẹ́tà yìí, díbẹ́lọ́pà àgbà kan tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílẹ̀ ni. Bó bá ka ogún irú rẹ̀, kò ní lè sọ èyí tó yàtọ̀ sí èkejì.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré kò gbọ́dọ̀ to gbogbo rẹ̀ jọ kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Kó mú ọ̀kan péré, kó sọ ọ́ délẹ̀ títí ẹni tó ń kà á fi rí ọpọlọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u wò.

Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní Òṣogbo tí àbúrò ìyá rẹ̀ jẹ́ alájọ ní ọjà. Ogójì obìnrin ló ń dájọ lọ́dọ̀ alájọ yìí. Ẹni tó bá ń san ₦500 lójúmọ́, tó sì san án fún ọgbọ̀n ọjọ́, ti dá ₦15,000; bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì dá ₦14,500 padà fún un. Orí káàdì ni wọ́n ń sàmì sí. Ọmọbìnrin yìí wá kọ ojúewé kan tó ń ṣí nínú búráúsà fóònù: orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, àti iye owó tó kàn án nígbà tí oṣù bá parí. HTML, CSS àti JavaScript nìkan ló fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ ò sì pọ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sí àríyànjiyàn.

Oṣù Òkúdù 2025 ni alájọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí oṣù parí, fóònù ní ₦14,000 ló kan ìyá kan. Ìyá náà fa káàdì rẹ̀ yọ, àmì ọgbọ̀n ọjọ́ pé síbẹ̀. ₦500 ti lọ. Ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ ronú pé òun ti yọ owó alájọ lẹ́ẹ̀mejì ni, torí owó ọjọ́ kan gan-an ló dín. Ó ka ibi tó ti ń yọ owó náà ní àkàtúnkà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ ọ́. Ó wá ṣe ohun tí mo kà sí ọgbọ́n jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ó kó gbogbo káàdì jáde, ó fi wọ́n wé ohun tó wà lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn kan tọ̀nà láìku kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ owó alájọ ló yọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tí tirẹ̀ ì bá tọ̀nà. Kí wá ni àwọn tí tiwọn tọ̀nà fi jọra? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó san owó ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ọjọ́ kìíní ló sọnù.

Ohun tó fà á rèé:

```
const d = new Date(2025, 5, 1); // ọjọ́ 1, oṣù Òkúdù
d.toISOString().slice(0, 10);   // "2025-05-31"
```

JavaScript ń ka oṣù láti 0, ìdí nìyẹn tí 5 fi jẹ́ Òkúdù; ìyẹn kọ́ ni àṣìṣe. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé kí kọ̀ǹpútà mú ọjọ́ kìíní Òkúdù, ó sì mú un láti aago méjìlá òru nílé wa níbí. Ìlà kejì ló ń sọ ọjọ́ náà di ọ̀rọ̀ tí a lè tọ́jú, àmọ́ aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC ló ń lò. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú aago yẹn. Nígbà tí ọjọ́ kìíní bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aago mọ́kànlá alẹ́ àná ni UTC ṣì wà. Gbogbo owó tí alájọ ń sàmì sí ni ètò náà ń kọ sí ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárín oṣù, kò sẹ́ni tó máa rí i, torí bí ètò náà ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe ń kà á. Ìgbà tó bá fẹ́ ṣírò Òkúdù nìkan ni ọjọ́ kìíní á ti bọ́ sínú oṣù Èbìbí.

Ó wá kù ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹni tó ṣe fídíò tí ó ti rí ìlà yẹn bá ń gbé ní Amẹ́ríkà, kò lè rí àṣìṣe náà láéláé. Ẹ̀yìn UTC ni aago tiwọn wà. Aago méjìlá òru ní New York, ọjọ́ kan náà ni UTC wà. Kóòdù tó tọ̀nà lọ́hùn-ún ló ń jẹ owó ìyá ẹlẹ́ran ní Òṣogbo. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kó fi `getFullYear()`, `getMonth()` àti `getDate()` mú ọdún, oṣù àti ọjọ́ láti inú aago fóònù fúnra rẹ̀, kó fi 1 kún oṣù, kó sì so wọ́n pọ̀. Ó tún ní láti fi ọjọ́ kan kún gbogbo àkọsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà wọn pamọ́.

Nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kó wọnú lẹ́tà. Bí èmi bá ni mo fẹ́ bá a kọ ọ́, bó ṣe máa rí nìyí, nínú ímeèlì fúnra rẹ̀, láìsí àdírẹ́sì méjì lókè:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ̀wé nítorí àyè ìkọ́ṣẹ́ díbẹ́lọ́pà tí ẹ kéde.

Mo kọ ojúewé kan tí alájọ kan ní Òṣogbo fi ń ṣírò owó ogójì obìnrin láti oṣù Òkúdù. Líǹkì ojúewé náà àti ti kóòdù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. HTML, CSS àti JavaScript nìkan ni mo fi kọ ọ́.

Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, owó àwọn kan fi ti ọjọ́ kan dín. Mo kọ́kọ́ rò pé mo yọ owó alájọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo rí i pé ti àwọn tí kò san ní ọjọ́ kìíní tọ̀nà ni mo mọ̀ pé inú ọjọ́ ni àṣìṣe wà: mo ń lo `toISOString()`, UTC ló sì ń lò. Mo ti tún un ṣe, mo sì kọ ìdánwò kan tí á fi hàn bí àṣìṣe náà bá tún yọjú.

Ohun tí kò tíì lè ṣe ni pé orí fóònù kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ wà. Bí fóònù bá sọnù, àfi ẹ̀dà tí alájọ bá ti gbà sílẹ̀. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ apá ti sáfà. Ìkéde yín sọ pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á wà pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ìsanwó. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ mẹ́nu ba React. Mo ti kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò tíì fi kọ ohun tó dá dúró. Èmi ni mo dá kọ́ iṣẹ́ yìí, láti inú freeCodeCamp. Líǹkì ìwé ẹ̀rí mi wà nínú síífíì. Mo lè máa gbé ní Èkó fún gbogbo oṣù tí ìkọ́ṣẹ́ náà bá gbà. Ẹ ṣeun.”

Kò tó ojú ìwé kan. Kò bẹ̀bẹ̀, kò yin ara rẹ̀, kò sì yin ilé-iṣẹ́ náà. Ìyẹn kò sọ ọ́ di aláìlọ́wọ̀. Ìkíni wà níbẹ̀, “ẹ” ló sì ń lò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ta ló ń fi àṣìṣe ara rẹ̀ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí ló ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ wá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ UTC ti jẹ òun náà níyà rí. Ohun tó máa rí kọ́ ni pé ọmọbìnrin yìí ṣàṣìṣe. Ó máa rí i pé ó ní èrò kan, pé ó dán èrò náà wò, pé ó sì jù ú nù nígbà tí káàdì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí tó lè sọ ìyẹn fún un. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló yẹ níbẹ̀ o. Èyí tí èèyàn kò tíì mọ ohun tó fà á, tó kàn ń yí kóòdù padà títí ó fi lọ fúnra rẹ̀, kó má fi síbẹ̀ rárá.

Ìdí ni pé ohun tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n á bi í nígbà tí wọ́n bá pè é. Èyí jẹ́ èrè ńlá tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ kò fi ojú sí. Ẹni tó to ohun mẹ́fà jọ ti gbà kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó sọ ìtàn ọjọ́ kìíní Òkúdù ti yan ibi tí ìdánwò rẹ̀ á ti wá, ibi tó sì mọ̀ ju ẹni tó ń bi í léèrè lọ ni. Gbólóhùn rẹ̀ lórí React ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: wọn ò ní bi í ní ohun tó ti sọ pé òun ò tíì ṣe, wọn ò sì ní gbá a mú pẹ̀lú irọ́.

Líǹkì méjì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ló dà bí òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà dáadáa ti máa ń bàjẹ́. Ti ọmọbìnrin yìí ní ewu kan tí kò hàn lójú. Inú `localStorage` ni ètò rẹ̀ ń kó àkọsílẹ̀ sí, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó wà nínú búráúsà kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù alájọ, ogójì obìnrin ló wà níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Yábàá, òfìfo ni: àpótí kan láti kọ orúkọ, kò sì sí nǹkan mìíràn. Á wò ó, á pa á dé. Ó yẹ kí bọ́tìnnì kan wà lókè tó ń kó àpẹẹrẹ jáde, bí obìnrin márùn-ún àti owó oṣù kan, kí àlejò lè rí iṣẹ́ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àpẹẹrẹ yẹn náà ní tirẹ̀. Orúkọ gidi ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́wọ́ ẹni, torí òun ló wà lórí káàdì. Orúkọ ìyá àti iye owó tó ń dá kì í ṣe ohun tí à ń gbé sí GitHub kí gbogbo ayé wá kà. Bó bá sì ti gbé e síbẹ̀, pípa á rẹ́ nínú fáìlì kò tó, nítorí Git ń tọ́jú gbogbo ohun tó ti wà rí; ẹnikẹ́ni lè yí ìtàn padà sẹ́yìn kó rí i. Ohun tó rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀ ni kó ṣí ibi ìpamọ́ tuntun pẹ̀lú orúkọ àfiṣe, kó sì pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó kọ ètò ojú ọjọ́, tó wá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ API rẹ̀ sínú kóòdù. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà níbi tó ti gbà á, kó gba òmíràn.

Bí ètò náà bá ní apá tó ń gbé lórí sáfà ọ̀fẹ́, ó tún yẹ kó mọ̀ pé irú sáfà bẹ́ẹ̀ máa ń sùn. Ti Render, fún àpẹẹrẹ, máa ń sùn bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i fún ìṣẹ́jú 15, ẹni tó bá wá ṣí i lẹ́yìn náà sì lè dúró tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́. Gbólóhùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ líǹkì tó o bá, pé “ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí”. Ti ọmọbìnrin wa kò ní sáfà, GitHub Pages ló gbé e sí, kì í sì sùn.

Nínú ibi ìpamọ́ kóòdù, fáìlì README ni àlejò máa kọ́kọ́ kà. Kó sọ ohun tí ètò náà ń ṣe, ẹni tó ń lò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣí i, àti ohun tí kò lè ṣe, kó sì fi àwòrán kan sí i. Àlejò á tún wo ìtàn àtúnṣe. Bó bá rí i pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “first commit”, kò tíì lè sọ pé ó jí i kọ ni, torí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ bó bá rí àtúnṣe kan nínú oṣù Agẹmọ tó sọ pé ọjọ́ kìíní ń bọ́ sínú oṣù tó kọjá, lẹ́tà náà ti ní ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí kò tíì ní alájọ kankan tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kó mú ètò àkójọ iṣẹ́ ojúmọ́ tó kọ́ nínú fídíò, kó sọ ọ́ gbangba pé fídíò ló ti rí i, kó wá sọ ohun kan tí kò sí nínú fídíò náà tí òun fi kún un, àti ibi tó ti há. Bí kò bá sí ohun tó fi kún un, kó dá lẹ́tà dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ wá ẹnì kan nítòsí tó ń ṣírò nǹkan lórí bébà: oníṣòwò elépo, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó ń gbowó omi nínú kọ́ḿpáùnd. Fún mi o, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sàn ju kó fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́.

Bí lẹ́tà bá ti lọ, tí ọjọ́ mẹ́wàá kọjá láìsí èsì, ó lè kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ímeèlì kan náà kí ẹni tó gbà á lè rí ti àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ rí lẹ́tà mi?” kò fún un ní nǹkan tuntun láti wò. Bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn alájọ ti gba fóònù tuntun, tí ẹ̀dà tó wà nípamọ́ sì kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀ nítorí orúkọ kan tó ní àmì ohùn, kó kọ ìlà méjì nípa ìyẹn àti bó ṣe tún un ṣe, kó fi líǹkì àtúnṣe náà sí i, kó fi ránṣẹ́.